Ibo Lẹ Ti Wọn Ìbàdí Yín?

Gáùn àdìrẹ kan padà wá bá mi láti Ìbàdàn. Aláró ni, síìpù wà lẹ́yìn rẹ̀, ìránṣọ rẹ̀ kò sì ní àbùkù kankan. Obìnrin tó rà á ti fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n tó dì í: àyà 37, ìbàdí 38, ìdí 42, gbogbo rẹ̀ ní ínṣì. Àyà àti ìdí bá sáìsì M mi mu, ṣùgbọ́n ìbàdí pọ̀ ju èyí tí mo ní lọ. Mo bá tú ẹ̀gbẹ́ gáùn náà, mo sì fẹ̀ ẹ́ ní agbedeméjì kí ó lè gba 38. Nígbà tó wọ̀ ọ́, èjìká bá a mu, àyà bá a mu, ṣùgbọ́n agbedeméjì fẹ̀ gẹ̀rẹ̀jẹ̀ bí ẹni pé ó yá aṣọ ẹlòmíràn wọ̀. Inú bí i. Inú bí èmi náà, nítorí mo gbà pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń di teépù mú.

Nígbà tó wá ṣe ìnáwó kan ní Abẹ́òkúta, ó yà sọ́dọ̀ mi. Mo fa teépù mi yọ, mo wọ̀n ọ́n níbi tí àwa aránṣọ ń pè ní ìbàdí, ìyẹn ibi tí ara ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù lókè ìwọ́. 33 ni. Mo ní kí òun náà wọn ara rẹ̀ lójú mi. Ó gbé teépù sí ìsàlẹ̀ ìwọ́, ó fà á yíká dáadáa, ó sì ka 38 gééré. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mò ń so ìró mọ́ nìyí. Ṣé kì í ṣe ìbàdí lẹ̀ ń pe èyí ni?”

Ìbàdí ni. Kò ṣìnà. Ínṣì 5 ló wà láàárín ibi tí èmi ń pè ní ìbàdí àti ibi tí òun ń pè bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì la sì ń sọ Yorùbá tó dára. Lẹ́nu obìnrin kan, ìbàdí ni ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ń gbà kọjá. Lẹ́nu òmíràn, ibi tí ìró ń jókòó lé ni. Ọmọ tó ń wọ ṣòkòtò jíìnsì yóò gbé teépù sí ibi tí bẹ́líìtì rẹ̀ wà. Aránṣọ nìkan ló ní ibi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni òun máa ń gbé gáùn mú. Àtẹ mi kọ “ìbàdí” láìsọ èyí tí ó ń bi léèrè, oníbàárà sì dáhùn ìbéèrè tó gbọ́.

Àtẹ tí mò ń lò nígbà náà, mo dà á kọ ni, bí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ta aṣọ rírán ṣe ń ṣe. Ó yẹ kí á mọ ibi tí irú àwọn àtẹ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní 1939 àti 1940, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ rán àwọn èèyàn jáde láti lọ wọn àwọn obìnrin ilẹ̀ náà. Ruth O’Brien àti William Shelton ló kọ àbájáde rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1941. Obìnrin tí iye wọn sún mọ́ 15,000 ni wọ́n wọ̀n, ìwọ̀n 59 ni wọ́n sì gbà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n kà mọ́ ìṣirò ìkẹyìn. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti yọ ìlànà sáìsì tí ìjọba gbé jáde ní 1958, wọ́n sì pa ìlànà náà tì ní 1983 nítorí pé kò bá ara èèyàn mu mọ́. Àwọn tó wọn obìnrin wọ̀nyẹn, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ kí wọ́n tó gbé teépù. Ibì kan náà ni gbogbo wọ́n ń gbé e sí. Obìnrin tó wà nínú yàrá rẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo, tó ń fi ọwọ́ kan di teépù mú, tó ń fi ọwọ́ kejì di fóònù, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òun sì ni àtẹ tiwa wà fún.

Ọ̀nà tí mo fi tún tèmi kọ nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, mo dín iye ohun tí mò ń béèrè kù. Gáùn tí mò ń tà jù jẹ́ èyí tó lọ tààrà láti abíyá dé ojúgun, aṣọ òwú tí kì í nà. Irú gáùn bẹ́ẹ̀ kò nílò ìbàdí rárá. Bí ó bá ti gba àyà tí ó sì gba ìdí, agbedeméjì á gbà á. Síbẹ̀, ìbàdí ló wà lára ìbéèrè mi, nítorí pé ó wà nínú àtẹ tí mo dà kọ. Gbogbo ìwọ̀n tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ oníbàárà jẹ́ àyè kan sí i fún un láti ṣe àṣìṣe. Ẹ béèrè kìkì èyí tí yóò pinnu sáìsì tí ẹ máa fi ránṣẹ́. Tèmi di méjì: àyà àti ìdí.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ ibi tí teépù yóò wà, láìlo orúkọ iṣẹ́. Èmi kò kọ “àyà” lásán mọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni pé: “Ẹ wọ kọ́mú tí ẹ máa wọ̀ sábẹ́ gáùn náà. Ẹ gbé teépù gba orí ọmú níbi tó ti yọ jù, kí ó gba abẹ́ abíyá méjèèjì kọjá. Ẹ dúró níwájú jígí, kí ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wò ó bóyá teépù ti já wálẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ mí jáde bí ẹ ṣe máa ń mí, kí ẹ tó kà á.” Kọ́mú ni mo kọ́kọ́ dárúkọ nítorí pé èyí tó nípọn tàbí èyí tó gbé ọmú sókè lè yí iye náà padà. Jígí sì wà níbẹ̀ nítorí pé èèyàn kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ẹ̀yìn gan-an ni teépù sì ti máa ń yọ̀ wálẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ń dá wọn ara rẹ̀.

Ìdí tún gba àlàyé ju àyà lọ. Ọ̀pọ̀ máa ń gbé teépù sí egungun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n á sì dúró níbẹ̀. Egungun yẹn kọ́ ló máa ń jẹ́ kí gáùn há. Ibi tí ìdí ti yọ síta jù lẹ́yìn ló ń jẹ́ kó há, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ ju egungun náà lọ dáadáa. Nítorí náà mo kọ ọ́ pé: “Ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ara yín nínú jígí, kí ẹ gbé teépù sí ibi tí ìdí yín ti yọ jù. Ẹ bọ́ jíìnsì kúrò lára.” Ẹni tó bá ya ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ tàbí tó wọ aṣọ tó nípọn, iye tí yóò rí kì í ṣe ti ara rẹ̀.

Bí gáùn bá jẹ́ irú èyí tó gbá mọ́ ara ní agbedeméjì, kò sí bí a ò ṣe ní béèrè ibẹ̀. Níbẹ̀, mo máa ń ní kí oníbàárà so okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ikùn, kí ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, kó tẹ̀ sósì, kó rìn díẹ̀. Rọ́bà náà á fúnra rẹ̀ yí lọ jókòó síbi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ibẹ̀ ni kí ó gbé teépù lé. Ìyá tí ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, tí kò rí ibi tẹ́ẹ́rẹ́ kankan nínú jígí, rọ́bà á bá a rí i. Ẹ má kọ “ìbàdí” síbẹ̀. Ẹ kọ “ibi tí rọ́bà dúró sí.”

Ìṣòro kan tún wà tó burú ju ti ìbàdí lọ, nítorí pé ó máa ń fi ara pamọ́. Ìyẹn ni pé àwọn nọ́ńbà inú àtẹ lè jẹ́ ti ara, ó sì lè jẹ́ ti aṣọ. Aṣọ tí kì í nà gbọ́dọ̀ tóbi ju ara lọ kí èèyàn tó lè mí, kó gbé apá sókè, kó jókòó. Ààyè yìí, mo máa ń fi tó ínṣì 2 sí i ó kéré tán ní àyà. Nítorí náà, sáìsì M mi wà fún ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 36 sí 38, ṣùgbọ́n gáùn fúnra rẹ̀ jẹ́ 40 yíká. Ẹni tó jẹ́ 38 á ní ínṣì 2 ààyè, ẹni tó jẹ́ 36 á ní 4. Bí mo bá kọ 40 sínú àtẹ láìsọ pé aṣọ ni, ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 40 á ra M. Síìpù á wọ́ dé orí, bóyá, ṣùgbọ́n kò ní lè jókòó jẹun níbi ìnáwó.

Ara nìkan ni ọ̀pọ̀ ìwé ní kí á kọ. Èmi kọ méjèèjì, lójú ibi méjì tó yàtọ̀, pẹ̀lú àkọlé gàdàgbà: “Ìwọ̀n ara yín” àti “Ìwọ̀n gáùn náà.” Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin kì í wọn ara wọn rárá. Gáùn tó ti bá wọn mu tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ̀n. Mo ti gbìyànjú láti dá wọn lẹ́kun rí, kí n tó rí i pé ọ̀nà tiwọn sàn ju tèmi lọ. Aṣọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì kì í mí, kì í fa ikùn sínú, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í pamọ́. Kí a kàn kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè ṣe é dáadáa ló kù: kí ẹ fa síìpù dé orí, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì tàbí sílẹ̀ tó le, kí ẹ fi ọwọ́ nà án láìfà á, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n láti abẹ́ abíyá kan dé abẹ́ abíyá kejì. Kí ó jẹ́ aṣọ tí kì í nà bíi ti èyí tí ẹ fẹ́ rà, kì í ṣe gáùn jẹ́sì.

Àṣìṣe tó ń wáyé níbẹ̀ ni ìlọ́po méjì. Ẹnì kan á rí 20, á fi 20 ránṣẹ́. Ẹlòmíràn á sọ ọ́ di 40, á wá fi wé ìwọ̀n ara. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú ìṣirò kúrò lọ́wọ́ wọn pátápátá. Lábẹ́ “Ìwọ̀n gáùn náà,” iye tí wọn yóò rí lórí tábìlì gan-an ni mo kọ. M jẹ́ 20 láti abíyá dé abíyá, L jẹ́ 21, XL jẹ́ 22. Ní ìdí, M jẹ́ 22, L jẹ́ 23, XL jẹ́ 24. Wọn kò ní láti fi nǹkan kan lọ́po.

Ẹ kíyè sí i pé ínṣì 2 ló wà láàárín sáìsì kan àti èkejì bí a bá wọ̀n ọ́n yíká. Mo mọ àwọn tó ń ta sáìsì tó fi ínṣì 1 péré yàtọ̀ síra, tí wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa bá ara mu jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá wọn ara rẹ̀ lè fi ínṣì 1 ṣìnà láàárọ̀ àti lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Sáìsì tó kéré ju àṣìṣe ọwọ́ oníbàárà lọ kò wúlò. Bákan náà, kí àlàfo má ṣe wà láàárín àwọn iye náà. Àtẹ tó bá kọ 36, 38, 40 nìkan kò sọ ohun tí ẹni 37 yóò ṣe. Ẹ kọ “ó ju 36 lọ títí dé 38,” kí ẹ wá kọ “ó ju 38 lọ títí dé 40.”

Kí ló dé tí èmi kò fi nọ́ńbà sáìsì ilẹ̀ òkèèrè ṣe àtẹ? Ẹ jẹ́ kí n fi oníbàárà kan ṣàlàyé. Ká ní obìnrin kan ní Houston kọ̀wé pé sáìsì 12 lòun. Ní Nàìjíríà, ti Gẹ̀ẹ́sì la sábà máa ń lò, a ó sì rò pé 12 ti Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Ṣùgbọ́n 12 ti Amẹ́ríkà sún mọ́ 16 ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá fi 12 tiwa ránṣẹ́, kò ní wọ apá. A ní kó wọn ara rẹ̀ bí àtẹ ṣe wí: ó rí 41 ní àyà, ó rí 43 ní ìdí. Àyà mú un sí XL, tó gba ohun tó ju 40 lọ títí dé 42. Ìdí mú un sí L, tó gba ohun tó ju 42 lọ títí dé 44. Gáùn tààrà ni, nítorí náà èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì ló ń pàṣẹ. A wá ní kó tẹ́ gáùn kan tó bá a mu sórí tábìlì. Ó rí 22 láti abíyá dé abíyá. XL náà ni. Ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, a lè dì í ká fi ránṣẹ́. Ká ní tábìlì sọ 20 ni, a ti mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn kò tọ̀nà, à bá sì ní kó ya fọ́tò teépù náà wá kí owó ìfiránṣẹ́ tó bọ́ sọ́nù.

Ọ̀pọ̀ ni kò ní teépù nílé. Teépù onírin tí káfíńtà ń lò kì í tẹ̀ yí ara ká dáadáa, kí wọ́n má lò ó. Wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù ni wọ́n máa ń mú, ó sì dára, nítorí kì í nà bíi rọ́bà. Kí wọ́n yí i ká, kí wọ́n fi ọwọ́ di ibi tó pàdé mú, kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n lórí rúlà. Níbi rúlà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ojú òdo, kì í ṣe láti etí rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ rúlà ní etí díẹ̀ kí òdo tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí rúlà, bébà A4 wà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 29.7 níbi gbogbo tí wọ́n ti ń lò ó. Gígùn mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ínṣì 35. Kí àwọn ará Amẹ́ríkà má lò ó, nítorí bébà tiwọn kúrú díẹ̀ sí i, ínṣì 11 gééré ni.

Ojú méjì ni teépù ní, ínṣì lójú kan, sẹ̀ńtímítà lójú kejì. Èyí kì í dà mí láàmú mọ́. Àyà àgbàlagbà ní ínṣì sábà máa ń wà láàárín 30 àti 52. Ní sẹ̀ńtímítà, kì í sábà wá sílẹ̀ ju 76 lọ. Bí ẹnì kan bá kọ 94, sẹ̀ńtímítà ni, 37 ló jẹ́. Mo kọ méjèèjì sínú àtẹ, ẹni tó bá wu lè ka èyí tó wù ú.

Ní ti gígùn, èmi kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Èèyàn kò lè wọn gígùn ara rẹ̀ láìtẹ̀ wo ilẹ̀, bó bá sì ti tẹ̀, teépù ti yẹ̀. Àti pé “láti èjìká” lè jẹ́ ẹ̀bá ọrùn, ó lè jẹ́ orí apá. Ohun tí mo kọ ni pé ẹni tó wọ gáùn náà nínú fọ́tò ga tó ẹsẹ̀ 5 àti ínṣì 6, ó sì dé agbede ojúgun rẹ̀. Olúkúlùkù mọ bí òun ṣe ga tó.

Kí ẹ tó gbé àtẹ yín jáde, ẹ dán an wò. Ẹ pe obìnrin mẹ́jọ tí ara wọn kò rí bákan náà, tí wọn kì í ṣe aránṣọ. Ẹ fún wọn ní ìwé yín nìkan, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ibi tó ṣòro nìyí, nítorí ẹnu á máa yún yín láti ṣàlàyé. Kí oníkálukú wọn ara rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín wọ̀n wọ́n. Bí iye wọn àti tiyín bá fi ínṣì 1 yàtọ̀ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, kò sí wàhálà. Bí ẹni mẹ́fà bá ṣìnà síbì kan náà, tí gbogbo wọn fi ínṣì 2 kéré ní ìdí, ọ̀rọ̀ inú ìwé yín ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kọ, kí ẹ pe ẹlòmíràn wá, nítorí àwọn àkọ́kọ́ ti mọ ohun tí ẹ ń wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan fún àwọn aṣọ tó bá padà wá: sáìsì tí wọ́n rà, iye tí wọ́n fi ránṣẹ́, ibi tó há tàbí tó fẹ̀. Ìwé yẹn ló ń sọ ẹni tó jẹ̀bi. Bí àyà bá há ní gbogbo sáìsì, ẹ̀yin ni ẹ gé aṣọ kéré jù, ààyè kò tó. Bó bá jẹ́ láti L lọ sókè nìkan ló ti ń há, bí ẹ ṣe ń fẹ̀ ẹ́ láti sáìsì dé sáìsì ni kò tọ̀nà. Bí kò bá ní ojú kan, tí ti ẹnì kan há tí ti ẹnì kejì sì fẹ̀ ní sáìsì kan náà, ìtọ́sọ́nà ìwọ̀n ni ẹ padà lọ kà.

Obìnrin Ìbàdàn yẹn ti ra gáùn mẹ́ta lọ́wọ́ mi látìgbà náà, M ni gbogbo rẹ̀, èmi kò sì tú ẹ̀gbẹ́ ọ̀kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, kí ẹ tó sanwó aṣọ èyíkéyìí tí ẹ kò fojú rí, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè kan péré: “Nọ́ńbà tí ẹ kọ yìí, ti ara mi ni àbí ti aṣọ?” Bí kò bá lè dáhùn lójú ẹsẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sanwó.